Ó Ti Gòkè Tán, Ṣùgbọ́n Ṣé Wọ́n Rí I?

Ní òru ọjọ́ Àìkú kan ní Obbo-Ile, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde lórí ibùsùn láti lọ wo kọ̀ǹpútà mi. Èmi ni mo máa ń ya fídíò ìsìn ìjọ wa, tí mo sì ń gbé e sórí YouTube fún àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi. N kì í gba owó iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn, Bàbá tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin wa wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ní Ìlọrin, wọn yóò sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìjọ gbàdúrà fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn. Orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ ni wọ́n sì fi parí rẹ̀. Ó ti sọ fún mi lórí fóònù pé: “Ọmọ mi, mo fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ kí n tó wọlé lọ.”

Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí pé ìsìn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kò gòkè rárá. Nígbà náà ni mo jókòó ṣírò. Ìsìn wa gba wákàtí méjì ààbọ̀, èyí tí í ṣe 9,000 ìṣẹ́jú àáyá. Bí fóònù mi ṣe ń ya fídíò, ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 2. Gbogbo rẹ̀ wá di 18,000, ìyẹn gígábáìtì 18. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé mi kì í gbé ju mẹ́gábáìtì kan lọ sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá 8, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan tètè ń wọlé láti òkè wá sọ́dọ̀ wa. Wákàtí 40 ni fídíò náà ìbá gbà. Abájọ tí kò fi gòkè!

Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní HandBrake dín fídíò náà kù. Mo sọ ọ́ di 720p, mo sì rí i pé ó wá sí gígábáìtì 1.8, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ojú ènìyàn ṣì hàn, ohùn sì dún dáadáa. Wákàtí mẹ́rin ló yẹ kí ó gbà láti gòkè. Mo bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́.

Nígbà tí mo dìde ní aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ó wà ní 52%. Nígbà tí mo tún dìde ní aago mọ́kànlá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já, ojú ìwé náà sì ti dákẹ́. Àyà mi já. Ṣùgbọ́n mo rántí pé kí n má ṣe yí orúkọ fídíò náà padà, kí n má sì tún un dín kù. Bí ènìyàn bá tún mú fídíò yẹn gan-an láàárín wákàtí 24, ibi tó dúró sí ni yóò ti tẹ̀ síwájú. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Ní aago méjì òru, ó parí. Mo fẹ́ pa kọ̀ǹpútà, kí n sùn. Nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn pé kí n fi fóònù ìyàwó mi wò ó, nítorí pé fóònù náà kò wọlé pẹ̀lú orúkọ ìjọ. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni “This video is private.” Lórí kọ̀ǹpútà tèmi, gbogbo rẹ̀ pé, lójú ẹlòmíràn, kò sí ohunkóhun. N kò tíì yí Private padà sí Public! Mo yí i, mo tún fi fóònù yẹn wò ó, orin sì bẹ̀rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ṣì ṣú díẹ̀, nítorí pé èyí tí kò mọ́ tó, tí wọ́n ń pè ní SD, ni YouTube máa ń kọ́kọ́ ṣe tán, kí ti HD tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ìdúró ni ó fẹ́.

Ní aago méje òwúrọ̀, ọmọbìnrin Bàbá pè mí. Ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá ti wò ó tán, ẹ gbọ́ ohùn wọn.” Bàbá gba fóònù náà, ó mí kanlẹ̀. Ó ní: “Ọmọ mi, àwọn olóhùn kejì sáré jù. Ẹ sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ wá tún un ṣe.”

Láti ìgbà náà, bó ti wù kí kọ̀ǹpútà mi sọ pé ó ti parí tó, n kì í lọ sùn àfi bí mo bá ti fi fóònù ẹlòmíràn wò ó.