Ẹ yéé gbé nǹkan fo ààmì ìdọ́gba

1/ Ẹ jẹ́ n sọ eléyìí jàre. Àbúrò mi kan ní Lágere, n'Ífẹ̀ níbí, ya fọ́tò bébà iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀ sí mi lórí Wásáàpù. Wọ́n ní kó fi hàn pé:

(1 − cos θ)/sin θ = sin θ/(1 + cos θ)

"Bùrọ̀dá, mo ti ṣe é!"

2/ Ohun tó ṣe rèé. Ó gbé ìsàlẹ̀ ọ̀tún lọ sókè òsì, ó gbé ìsàlẹ̀ òsì lọ sókè ọ̀tún:

(1 − cos θ)(1 + cos θ) = sin²θ
sin²θ = sin²θ

Ó bá fàlà sí i nídìí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní kó fi hàn gan-an ló kọ́kọ́ gbà pé òótọ́ ni!

3/ "Ṣebí ó padà dọ́gba?" Ó dáa, ẹ wo eléyìí:

sin θ = √(1 − cos²θ)

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ìsọdipúpọ̀ ara ẹ̀, ẹ máa rí sin²θ = 1 − cos²θ. Ó dọ́gba, àbí? Ẹ wá fi 270° sí ti àkọ́kọ́. Òsì di −1, ọ̀tún di 1. Irọ́ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di òótọ́ yẹn. Ọ̀nà náà ṣeé lọ, kò ṣeé padà.

4/ Bó ṣe yẹ kó rí: ẹ mú ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má fọwọ́ kan ìkejì. Mo mú òsì. Ọ̀tún ní 1 + cos θ nísàlẹ̀, òsì ò ní, torí náà mo fi ṣe ìsọdipúpọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ òsì. Iye ẹ̀ ò yí padà.

```
(1 − cos θ)/sin θ
= (1 − cos θ)(1 + cos θ) / [sin θ(1 + cos θ)]
= (1 − cos²θ) / [sin θ(1 + cos θ)]
= sin²θ / [sin θ(1 + cos θ)]
= sin θ/(1 + cos θ)
```

Ọ̀tún nìyẹn. Ó parí.

5/ Ẹnìkan á ní "agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Rárá o, a ò dájọ́ níbí. Ibi tá à ń lọ ni ọ̀tún. Ẹni tó ń lọ sí Mòdákẹ́kẹ́ kì í gbé Mòdákẹ́kẹ́ wá pàdé ara ẹ̀ lójú ọ̀nà.

Lóòótọ́, ti àbúrò mi yìí ṣeé padà níwọ̀n ìgbà tí ohun tó wà nísàlẹ̀ kì í bá ṣe 0. Àmọ́ kò kọ ìpadàbọ̀ yẹn sílẹ̀, òun sì ni iṣẹ́ náà gan-an.

6/ Torí pé fọ́tò ni, ẹ kọ́kọ́ fi 60° dán an wò. Òsì: 0.5/0.866, ó tó 0.577. Ọ̀tún: 0.866/1.5, 0.577 náà ni. Ká ní ẹ ṣi ọ̀tún kà sí sin²θ, 0.5 lẹ máa rí, ẹ ó sì mọ̀ pé 2 kékeré yẹn ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pé 60° bára mu ò tíì fi nǹkan kan hàn nípa àwọn igun yòókù. Ìlà márùn-ún òkè yẹn ló ń ṣèyẹn.

Mo ti dá bébà ẹ̀ padà. Kó tún un ṣe.