Kí Ìbéèrè Àkọ́kọ́ Tó Dé

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà lára àwa mẹ́ta tí a yàn láti fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń wá iṣẹ́ akọ̀wé owó lẹ́nu wò ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Ọ̀yọ́. Agogo 9 ni a ní kó dé. Ó kù díẹ̀ kí agogo 11 lù kí a tó pè é. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, a kò sì dá a lóhùn dáadáa, nítorí ìgbà yẹn ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìwé rẹ̀ wò. Ó wà lórí ìdúró títí alága wa fi gbójú sókè, tó ní, “Jókòó. Sọ nípa ara rẹ.”

Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí mo bi í bí a ṣe ń fi ìwé owó ilé iṣẹ́ wé ìwé tí báǹkì fi ránṣẹ́, ó wo àjà, ó ní òun ti gbàgbé. A fa igi lé orúkọ rẹ̀. Bí mo ṣe jáde láti mu omi, mo bá a níbi tó ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí kan náà fún obìnrin tó ń gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà: sọ̀wédowó tí a ti kọ jáde tí báǹkì kò tíì san, owó iṣẹ́ tí báǹkì ti yọ tí a kò tíì kọ sínú ìwé tiwa. Kò ṣì í sọ rárá. Mo padà wọlé, mo sọ ohun tí mo gbọ́. Wọ́n ní a ti parí tirẹ̀, èmi náà sì dákẹ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé ẹni tó ń bọ̀ tán kó tó wọlé. Èmi fúnra mi ni mo ń jáde lọ pè é, kí a lè jọ rìn wọlé, kí n sì bi í bí ọ̀nà ti rí. Bí a bá ti dá a dúró pẹ́, mo ń tọrọ àforíjì. Mo ń gbé omi síwájú rẹ̀. “Ẹ” ni mo sì ń pè é, bí mo tilẹ̀ lè bí i lọ́mọ, nítorí ẹni tí àgbà ń pè ní “ìwọ” nínú yàrá bẹ́ẹ̀ yóò dáhùn bí ọmọ tí a ń bá wí: ní kúkúrú, pẹ̀lú orí ní títẹ̀.

Ibì kan wà tí ọ̀yàyà wa ti máa ń ṣini lọ́nà. “Ọmọ ibo ni yín? Ṣé ẹ ti lọ́kọ? Ìjọ wo lẹ ń lọ?” Ìkíni lèyí jẹ́ lójú wa, ṣùgbọ́n létí ẹni tó ń wáṣẹ́, ìdánwò ni. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ ìlú wa, a ti fẹ́ràn rẹ̀ kó tó dáhùn ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà, omi àti ìjókòó ti tó.

Lẹ́yìn náà ni mo ń ṣàlàyé bí nǹkan yóò ṣe lọ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wọn lè gbọ́ ohun kan náà:

“Ẹ káàbọ̀. Àwa mẹ́ta ni a máa bá yín sọ̀rọ̀.” Mo ń dárúkọ wa àti iṣẹ́ oníkálukú. “Yóò gbà wá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Ìbéèrè 6 ni a ní, ìbéèrè kan náà la ó sì bi gbogbo ẹni tó bá wá. A ó máa kọ nǹkan sílẹ̀. Kí a má baà gbàgbé ohun tí ẹ sọ ni, kì í ṣe pé ẹ ṣì í. Ẹ lè dákẹ́ ronú, ẹ sì lè ní kí a tún ìbéèrè sọ. Nígbà tí a bá parí, ẹ̀yin náà yóò bi wá. Ẹ ó gbọ́ èsì lọ́jọ́ Ẹtì, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.”

Kò gbà ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Ọ̀rọ̀ nípa kíkọ nǹkan sílẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì jù lójú mi, nítorí bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà bá rí i tí orí mẹ́ta tẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó rò pé òun ti fìdí rẹmi.

Mi ò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ẹ sọ nípa ara yín” mọ́, nítorí ẹni náà kò mọ ibi tí yóò ti mú un. Inú ìwé rẹ̀ ni mo ti ń mú ìbéèrè àkọ́kọ́: “Mo rí i pé ẹ ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní ilé ìtajà oògùn. Bí ẹ bá dé láàárọ̀, kí lẹ kọ́kọ́ ń ṣe?” Ohun tó ti ṣe lójoojúmọ́ ni, kò sì lè gbàgbé rẹ̀. A kì í fún un ní máàkì lórí èyí. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá gùn ju ìbéèrè mi lọ, tó sì nawọ́ mú omi, mo mọ̀ pé ara ti ń balẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá há a lẹ́nu síbẹ̀, mo ń sọ pé, “Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, a ó padà sí i,” a sì ń padà sí i ní tòótọ́.

Mi ò kì í sọ “ó dára gan-an” lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ ọ nígbà 6 yóò lọ sílé lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí iṣẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ kò ní torí omi mímu mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan jókòó níwájú wa láìpẹ́ yìí, ara rẹ̀ balẹ̀, kò sì mọ bí a ṣe ń fi ìwé owó wé ti báǹkì. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa láìfi bò. A kò gbà á, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, a mọ ìdí rẹ̀.