Owó Àmúrelé Tí A Ṣèlérí, Ta Ni Yóò San Owó Orí Rẹ̀?

Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kéékèèké, owó àmúrelé ni ọ̀gá àti ẹni tó ń wáṣẹ́ máa ń dúnàádúrà lé lórí. Ọ̀gá á ní, "₦300,000 ni yóò máa wọ àpò rẹ lóṣooṣù, fi ti owó orí sílẹ̀ fún mi." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n gbèsè ẹlòmíì ni ọ̀gá gbà sọ́rùn yẹn, láì tíì mọ iye tí gbèsè náà jẹ́. Lójú tèmi, ẹni tó ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ kò tíì dá owó oṣù fún ẹnikẹ́ni, àfi tó bá ṣírò padà sẹ́yìn dé orí àpapọ̀ owó, ìyẹn iye tí owó náà jẹ́ kí a tó yọ kọ́bọ̀ kan kúrò lára rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. ₦300,000 lóṣù jẹ́ ₦3,600,000 lọ́dún. Òfin owó orí tuntun ti Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, kò gba nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá rí lọ́dún. Ó ń gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, àti ìdá 18 lórí ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. (Àwọn ìpele mìíràn wà lókè, a ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn lónìí.) Akọ̀wé owó á wá ka ₦3,600,000 sí àpapọ̀ owó, á rí owó orí ₦438,000, á rò ó pọ̀ mọ́ ọn, á sì kọ ₦4,038,000 sílẹ̀. Ó dà bíi pé iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n owó tí ọ̀gá bá san gbèsè òṣìṣẹ́, owó òṣìṣẹ́ náà ni, nítorí náà ₦438,000 yẹn gan-an ní owó orí tirẹ̀. Ẹ ṣírò owó orí lórí ₦4,038,000, ẹ ó rí ₦516,840, ₦3,521,160 ló sì kù fún òṣìṣẹ́. ₦78,840 ti já kúrò nínú ìlérí, ó lé ní ₦6,500 lóṣù, kò sì sẹ́ni tó jí i: ìdá 18 lórí ₦438,000 ni.

Ẹ jẹ́ ká wá gbà á láti òdìkejì. Ẹni tí àpapọ̀ owó rẹ̀ jẹ́ ₦3,000,000 géérégé, níbi tí ìpele ìdá 15 parí sí, yóò san owó orí ₦330,000, yóò sì mú ₦2,670,000 relé. Ìlérí tiwa fi ₦930,000 ju ìyẹn lọ. Ní ìpele ìdá 18, kọ́bọ̀ 82 ló ń kù nínú náírà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ṣe la ó fi 0.82 pín ₦930,000, a ò ní kàn fi ìdá 18 rẹ̀ kún un. Yóò jẹ́ ₦1,134,146. Bí a bá fi ₦3,000,000 kún un, àpapọ̀ owó di ₦4,134,146, owó orí rẹ̀ di ₦534,146. Ẹ yọ ọ́ wò: ₦3,600,000 pé. Ohun tó yẹ kí akọ̀wé kíyè sí ni pé ₦2,670,000 ni ẹnu ààlà fún ẹni tó bá ń ti orí owó àmúrelé bọ̀. Ẹni tí a ṣèlérí ₦2,800,000 lọ́dún fún ti wọ ìpele ìdá 18, bó tilẹ̀ dà bíi pé kò tíì dé bẹ̀.

Àwọn kan á ní owó tó wọ àpò ló kan òṣìṣẹ́, pé ìyókù wà láàárín ọ̀gá àti àwọn agbowó-orí ìpínlẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, torí bí ìjọba bá fi kún owó orí lọ́la, ọ̀gá ni yóò gbé e. Ṣùgbọ́n òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8, kí ọ̀gá dá ìdá 10, kò sì sí èyí tí a ń ṣírò lórí owó àmúrelé nínú méjèèjì. Bí ọ̀gá bá ní òun yóò gbé ìdá 8 náà, tí a sì ń ṣírò rẹ̀ lórí gbogbo owó oṣù, a ó tún fi 0.92 pín ₦4,134,146, torí pé owó ìfẹ̀yìntì ń kúrò kí owó orí tó dé. Àpapọ̀ owó yóò gòkè sí ₦4,493,637. Ìlérí ẹnu kan náà ni o.

Ti owó ilé tún wà níbẹ̀. Òfin tuntun fàyè gba ayálégbé láti yọ ìdá 20 owó ilé rẹ̀ kúrò nínú owó tí a ń gba owó orí lé, ṣùgbọ́n iye tí yóò yọ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ẹni tó ń san ₦600,000 lọ́dún yóò yọ ₦120,000. Tó bá jẹ́ owó àmúrelé nìkan ló wà nínú àdéhùn, àpapọ̀ owó tí ọ̀gá nílò yóò fi bíi ₦26,000 dín kù lọ́dún, òṣìṣẹ́ tó san owó ilé kò sì ní rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Àǹfààní òṣìṣẹ́ ti di ti ọ̀gá, láìsí pé ẹnikẹ́ni rúfin.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí wọ́n bá gbé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ síwájú yín, ẹ ní kí wọ́n kọ iye méjèèjì sí i, àpapọ̀ owó àti owó àmúrelé, kí wọ́n sì kọ ẹni tó ni èrè rẹ̀ bí owó orí bá dín kù, kí ẹ tó fọwọ́ sí i.