Nọ́ńbà NAFDAC Kì í Ṣe Ìwé Àṣẹ Ìtajà

Bí ènìyàn bá bi àwọn tó ń ta oògùn lórí Wásáàpù àti Fesibúùkù ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ léèrè pé ta ló fún wọn láṣẹ, èsì tí wọ́n máa ń fẹ́ràn jù ni pé: "Nọ́ńbà NAFDAC wà lára páálí rẹ̀." Èsì náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè. Oògùn ló ni nọ́ńbà yẹn. Ẹni tó ṣe oògùn náà tàbí tó kó o wọ̀lú ló gbà á. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó ń tà á. Olè tó jí páálí kan gbé náà lè ya àwòrán nọ́ńbà ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.

Ẹni tó ń fún ilé oògùn láṣẹ ni Ìgbìmọ̀ Apòògùn ti Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí PCN. Ilé kan pàtó, ní àdírẹ́sì kan pàtó, lábẹ́ àbójútó apòògùn kan tó ní orúkọ, ni wọ́n ń fún ní ìwé àṣẹ. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun, agbára rẹ̀ a sì tán ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá.

Ẹ jẹ́ ká fi Augmentin ṣe àpẹẹrẹ. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ GSK ti kéde ní ọdún 2023 pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, owó oògùn yìí gbówó lérí, ìyẹn ló sì ṣí ọ̀nà fún àwọn tó ń pariwo ẹ̀dínwó. Ká sọ pé ìyá kan ní Ìgbógbò, tí etí ń dun ọmọ rẹ̀, rí olùtajà tó fẹ́ gba ìdajì owó. Nígbà tó béèrè ìwé, olùtajà fi mẹ́ta ránṣẹ́. Èkíní jẹ́ ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC. Ó kàn fi hàn pé orúkọ òwò náà wà nínú ìwé ìjọba ni. Èkejì ni àwòrán nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ̀kẹta ló léwu jù, nítorí orúkọ PCN wà lórí rẹ̀ lóòótọ́. PCN kan náà ló ń fún àwọn ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní àṣẹ, ṣùgbọ́n àṣẹ tiwọn mọ sórí àwọn oògùn wẹ́wẹ́ bíi parasítámọ́ọ̀lù. Kò kan Augmentin. Ẹni tó bá wo àmì òkè nìkan, tí kò ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, yóò sanwó.

Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìwé ilé oògùn gan-an ni, kí ìyá yìí wo ọdún tó wà lórí rẹ̀, kí ó wò ó bóyá orúkọ àti àdírẹ́sì bá ti olùtajà mu. Àṣẹ ilé kan ní Yábàá kò bo yàrá kan ní Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ó pe fóònù, kí ó ní òun fẹ́ bá apòògùn tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ló mọ̀ pé àwọn apòògùn kan ń yá oníṣòwò ní orúkọ wọn, wọ́n ń gbowó, wọn kì í sì í dé ṣọ́ọ̀bù náà.

Ìbéèrè tó kù ni pé: "Ṣé mo lè rà á láìsí ìwé dókítà?" Bí èsì bá jẹ́ "ẹ fi owó ránṣẹ́", ọ̀rọ̀ ti parí. Ìdílé penisílì ni Augmentin ti wá. Ara àwọn kan kì í gbà á, ó sì lè pa wọ́n. Ìwọ̀n tí ọmọ tẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣírò iye tí yóò lò. Ta ló bi ìyá yìí ní ọ̀kankan nínú rẹ̀?

Àwọn kan yóò ní dókítà jìnnà, èrò sì pọ̀ ní ọsibítù ìjọba. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn kò sọ ẹni tí kò mọ oògùn di apòògùn. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn ti họ ibi tí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ wà lára páálí, àwọn sì ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, èsì sì ní ojúlówó ni. Ó dára bẹ́ẹ̀, ẹ máa ṣe é. Àmọ́ èsì yẹn kò lè sọ bóyá oògùn náà ti jókòó sínú ọkọ̀ gbígbóná fún oṣù mẹ́ta, tàbí bóyá ó yẹ ọmọ yín.

Láti ayé ìjọba ológun ni òfin ti ka kíkiri oògùn nínú ọkọ̀ èrò, ibùdókọ̀ àti ọkọ̀ ojú omi léèwọ̀. Ẹni tó ń tà á lórí fóònù kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń kiri nínú dánfó Ìkòròdú, àfi pé a kì í rí ojú rẹ̀. PCN máa ń ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí kò ní àṣẹ pa. Irú àwọn wọ̀nyí kò ní ìlẹ̀kùn. Nítorí náà, kí PCN fi dandan lé e pé kí nọ́ńbà ìwé àṣẹ, àdírẹ́sì àti orúkọ apòògùn hàn lókè ojú ewé ẹnikẹ́ni tó bá ń polówó oògùn, kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni ọjà orí ẹ̀rọ ayélujára sì yọ èyí tí kò bá ní in kúrò lórí àtẹ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí i.