Ẹnu Ògiri Lókè Bákónì

Lọ́dún tó kọjá, oníṣẹ́ kan fi fẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹní ọ̀dà tí wọ́n ń fi iná gáàsì lẹ̀ mọ́lẹ̀, bo bákónì òkè ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbarà. Òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá dé, omi tún ń kán tó, tó, tó sórí àga pálọ̀ ìsàlẹ̀. A pe ọkùnrin náà. Ó gbé sílíńdà gáàsì rẹ̀ dé, ó ní òun á tẹ́ ẹní kejì lé ti àkọ́kọ́ lórí. Mo ní kó gbé sílíńdà rẹ̀ padà.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ta ni kò mọ ìyẹn? Ohun tí oníṣẹ́ yìí kò mọ̀ ni ibi tí ẹnu wà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ògiri ló fẹ́ lẹ̀.

Àárín ẹní ọ̀dà kì í sábà jò. Ó lè nípọn tó mìlímítà 4. Ibi tí ẹní méjì ti pàdé, ibi tí a ti gé e yí irin ká, àti ibi tó ti gun ara ògiri ni ẹnu rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ka ẹnu bákónì yìí. Ó gùn ní mítà 3, ó fẹ̀ ní mítà 2. Mítà 1 ni ìbú ẹní ọ̀dà, bẹ́ẹ̀ ìkan gbọ́dọ̀ gun èkejì ní bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹní méjì kò lè bò ó tán. Ẹ̀kẹta tẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé, oríkèé méjì nìyẹn. Irin tó dáàbò bo iwájú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ 7, páìpù omi jẹ́ 1, ẹnu ọ̀nà jẹ́ 1. Ní ìdí irin kọ̀ọ̀kan, a ó gé ẹní tó le náà wẹ́wẹ́ ká tó fi iná lẹ̀ ẹ́. Bí ó bá lẹ̀ dáadáa, ọ̀dà tó yọ́ á yọjú tẹ́ẹ́rẹ́ létí oríkèé. Níbi tí kò bá ti yọjú, ẹ fi orí ọ̀bẹ gbìyànjú. Ibi tí ọ̀bẹ bá wọ̀, omi á wọ̀. Nídìí irin ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀bẹ wọlé níbi mẹ́rin.

Ìdí nìyí tí mo fi ní, fún bákónì kékeré, èyí tí wọ́n ń kùn ló yẹ. Kò ní oríkèé. A ó kọ́kọ́ kun ìdí irin àti igun ògiri, a ó tẹ aṣọ tín-ín-rín tó wà fún iṣẹ́ náà sínú rẹ̀ kó tó gbẹ, a ó sì kùn ún gun ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 15. Lẹ́yìn náà la ó kun gbogbo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì. Bí ti àkọ́kọ́ bá lọ sóòró, kí èkejì lọ sí ìbú.

Wọ́n á ní ọ̀dà kíkùn kì í pẹ́. Èyí tí wọ́n fà bí ẹ̀kọ kò lè pẹ́! Oríṣi tó ń jẹ́ pọliyurítéènì máa ń gba bíi kílò 2 fún mítà kan níbùú lóòró. Bákónì yìí pẹ̀lú ìdí ògiri rẹ̀ tó mítà 7, kílò 14 nìyẹn. Ẹni tó bá gbé kílò 5 wá, ẹwà ló fẹ́ kùn. Ní ti orí dẹ́kì gbalasa tí kò ní irin, ẹ tẹ́ ẹní yín síbẹ̀, n kò bá yín jà.

Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo da omi korobá kan sórí bákónì náà. Dípò kó lọ síbi páìpù tó wà níwájú, ẹnu ọ̀nà ló lọ dúró sí. Kò sí ọ̀dà tó lè wo ìyẹn sàn. Ó kéré tán, kí ilẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 ga lẹ́nu ọ̀nà ju iwájú lọ. Bíríkìlà ló kàn, kì í ṣe ẹni tó ń kùn.

Kí ilẹ̀ sì gbẹ. Ẹ lẹ nálọ́ọ̀nù mọ́ ọn, kí ẹ dí etí rẹ̀ pinpin títí di ọjọ́ kejì. Bí omi bá hàn lábẹ́ rẹ̀, ẹ má kun pọliyurítéènì. Oòrùn á ti oru omi náà sókè, ọ̀dà á wú bí ìléròrò, ìléròrò á bẹ́, a ó sì ti fọwọ́ ara wa la ẹnu tuntun fún ògiri. Bí a bá kùn ún tán, tó sì gbẹ, kí a dí páìpù, kí a fi omi sórí rẹ̀ fún wákàtí 24, ká wo àjà ìsàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lẹ táìlìsì.

Nítorí náà, ó di ọ̀gbẹlẹ̀. Abọ́ ṣì wà lórí àga pálọ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ń bínú pé mo lé oníṣẹ́ lọ. Mo ti bá a ra abọ́ kejì.