Ṣé Ó Yẹ Kí A Gba Owó-orí Lórí Owó Ìrànwọ́ Ẹ̀kọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó kọ̀wé sí wa nípa Òfin Owó-orí Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026. "Ẹ̀yin àgbà," ó ní, "40,000 náírà tí mo ń gbà lóṣù kì í ṣe owó iṣẹ́. Ìwé àti owó ọkọ̀ ni mo fi ń ná."

Èyí jẹ́ 480,000 lọ́dún, òfin kì í sì í gba owó-orí lórí 800,000 àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ó ń bá wọn tajà ní Balógun lópin ọ̀sẹ̀, ó ń gba 600,000 lọ́dún. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, 280,000 ló lé. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 42,000. Ó ju owó ìrànwọ́ oṣù kan lọ! Bí a bá yọ ìrànwọ́ náà kúrò, kò ní san kọ́bọ̀.

Òfin náà ka owó ìrànwọ́ àti ẹ̀bùn mọ́ owó tí ń wọlé. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù rẹ̀ ti wá. Lójú tiwa, àlàyé rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń fún un lówó. Bí ó bá ń kọ́ kíláàsì nítorí rẹ̀, owó iṣẹ́ ni. Kí ó tọ́jú lẹ́tà tí wọ́n fi fún un ní ìrànwọ́ náà, nítorí òun ni yóò fi hàn àwọn agbowó-orí Ìpínlẹ̀ Èkó.