Ọjà lọ sókè, owó mi di òdo

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Gbogbo fídíò tí mò ń rí lọ́sẹ̀ yìí, ẹnìkan á ṣáà gbé fóònù sókè: "Mo fi 80 dọ́là pa 900 kílẹ̀ tó ṣú." 0DTE ni wọ́n ń pè yín sí. Èmi náà ti rà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí owó mi ṣe lọ.

2/ Ọ́pṣọ̀n jẹ́ àdéhùn tó fún ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ra nǹkan tàbí láti tà á ní iye kan kí ọjọ́ kan tó kọjá. 0DTE túmọ̀ sí pé òní gan-an ni ọjọ́ ọ̀hún. Láti 2022 ni S&P 500 ti ní èyí tó ń parí lójoojúmọ́, Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Lásìkò ooru wọn, ọjà Amẹ́ríkà ń ṣí ní 2:30 ọ̀sán aago Èkó, ó sì ń tì ní 9:00 alẹ́.

3/ Ọjọ́ tèmi rèé. Mo fọn nọ́ńbà rẹ̀ sí odidi kó lè tètè yé yín. Mo ní 400 dọ́là. SPY, tó ń tẹ̀lé S&P 500, wà ní 600. Mo gbà pé ó máa gòkè, ni mo bá ra ẹ̀tọ́ láti rà á ní 602. Ní 3:00 ọ̀sán, 0.80 ni. Àdéhùn kan jẹ́ ìpín 100, ìyẹn 80 dọ́là. Mo ra méjì: 160.

4/ Nígbà tó di 6:00 ìrọ̀lẹ́, SPY ti gòkè sí 600.30. Inú mi dùn. Mo wo ọ́pṣọ̀n mi: 0.40. Háà! Ọjà gòkè, tèmi wá já sí ìdajì?

5/ Ṣé ẹ mọ ẹlẹ́fọ̀ọ́ ọjà alẹ́? Ẹ̀fọ́ tó tà ní ọ̀wọ́n láàárọ̀, tó bá di alẹ́, á máa fi ènì sí i, torí kò ní dé ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àkókò tó kù ni mo sanwó fún jù, wákàtí mẹ́ta sì ti lọ níbẹ̀.

6/ Dípò kí n jókòó jẹ́ẹ́, mo ní ọjà ẹ̀dínwó ni. Mo ra mẹ́rin sí i: 160. Ní 8:30, SPY wà ní 601, ọ́pṣọ̀n di 0.12. Mo tún ra mẹ́fà: 72. Àròpọ̀ 392. Ọjà tì ní 601.60. Kò dé 602, òdo ni gbogbo ẹ̀. Mo sọ pé á gòkè, ó sì gòkè, síbẹ̀ 392 dọ́là wọlẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà.

7/ Kí ló wá ń fà wá? Ká ní SPY dé 603 lálẹ́ yẹn, 0.12 yẹn ì bá di 1.00. Ìdí nìyẹn tí sikirinṣọ́ọ̀tì fi ń dáni lọ́rùn. Wọ́n á ní "owó tó o fi rà á nìkan lo lè pàdánù." Òótọ́ ni, fún ẹyọ kan. Wọn ò sọ pé ó ń rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wàá fi rà á lẹ́ẹ̀mẹta kí ọjà tó tì.

8/ Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí kó o máa tà á nígbà yẹn." Ó dáa. Ní April 9, 2025, Trump kéde lọ́sàn-án pé òun dá púpọ̀ nínú owó-orí ọjà òkèèrè tuntun rẹ̀ dúró fún 90 ọjọ́. S&P 500 fi ohun tó lé ní 9% gòkè lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ta ẹ̀tọ́ láti rà láàárọ̀, tí kò sì ní ìpín náà lọ́wọ́, gba 80 dọ́là bóyá. Dọ́là kọ̀ọ̀kan tí SPY bá fi kọjá iye àdéhùn, 100 dọ́là ni lọ́rùn ẹ̀. Tó bá kọjá pẹ̀lú 20, 2,000 nìyẹn.

9/ Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe, mo mọ bí a ṣe ń yan èyí tá a máa gbé síta. Ẹnikẹ́ni kì í fi òdo ṣe fídíò. Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tà á fún wa bí ẹ̀kọ́, ẹ má fi ọjọ́ kan hàn wá mọ́. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ gbogbo oṣù jáde, títí kan àwọn tó di òdo.

10/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á lónìí: kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ bi ara yín pé, "Iye wo ni SPY gbọ́dọ̀ dé kí 9:00 tó lù, kí n tó rí owó mi gbà?" Tèmi jẹ́ 602.80. N ò bi ara mi. 392 dọ́là ni mo fi kọ́ ọ.